Ahun tó tún lawọ́: bí ẹ̀dá ìtàn ṣe lè ní ìwà méjì láì di ènìyàn méjì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn àròsọ mi wáyé ní nǹkan bí ọdún 1952. Òṣómàáló tó ń ta aṣọ láwìn ni bàbá inú rẹ̀, ahun paraku. Ní orí kejì, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà opó kan láàárọ̀ kùtù nítorí ṣílè méjì. Nígbà tó di orí keje, ó san ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún owó ilé-ìwé ọmọ opó yìí kan náà. Àwọn tí mo fún kà ní ó jọ pé mo ti gbàgbé irú ẹni tí bàbá náà jẹ́. Mo fi gbólóhùn kan kún un pé "ìwà ẹ̀dá ṣòro mọ̀", síbẹ̀ wọn ò gbà. Níbo ló ti bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ yọ gbólóhùn yẹn kúrò, torí ẹ̀bẹ̀ ni, òǹkàwé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwà méjèèjì kọ́ ló ń dà wọ́n láàmú. Ta ni kò ní ẹ̀gbọ́n bàbá kan tó ń fi àjẹkù àbẹ́là pamọ́, tó sì ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Ohun tí wọn ò rí ni nǹkan tí bàbá yín ń wò kó tó tú ọwọ́, àti ohun tó ń wò kó tó dì í. Ní orí keje, ìtàn yín fẹ́ kí ọmọ náà wọ ilé-ìwé, bàbá sì sanwó. Ọwọ́ òǹkọ̀wé ni wọ́n rí níbẹ̀, wọn ò rí ọwọ́ bàbá.

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fa ìlà sí i láàárín. Lápá òsì, ẹ kọ gbogbo ibi tó ti háwọ́; lápá ọ̀tún, gbogbo ibi tó ti lawọ́. Bí ẹ bá ní mẹ́ta mẹ́ta, ó tó. Ẹ wá dáhùn ìbéèrè mẹ́rin sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: Ta ni owó náà ń lọ sọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ta ló ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé gbèsè ni, ṣé wọ́n tọrọ rẹ̀ ni, àbí ẹnikẹ́ni ò béèrè? Ta ló ń wò wọ́n? Kí ni bàbá náà pàdánù? Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jọra wọn lápá òsì, tó tún jọra wọn lápá ọ̀tún, tí apá méjèèjì sì yàtọ̀ síra. Ibẹ̀ ni òfin rẹ̀ wà. Bí kò bá sí irú rẹ̀ rárá, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ló yẹ kí ẹ pààrọ̀. Àlàyé kò lè tún un ṣe.

Nínú ìtàn yín, mo rò pé òfin náà wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: bàbá yìí kì í jẹ́ kí gbèsè pẹ́ lọ́rùn ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣírò ohun tó bá ń lọ sọ́dọ̀ ọmọdé. Gbólóhùn kan ṣoṣo nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ tẹnu bàbá fúnra rẹ̀ jáde láéláé. Bí tiyín bá ní "àmọ́ nígbà mìíràn" nínú, kò tíì jinná.

Ó ku gbòǹgbò. Bí bàbá náà bá tó ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta ní 1952, nǹkan bí 1907 ni wọ́n bí i. Nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n ṣì ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Ẹ rántí bí ìwọ̀fà ṣe rí: iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni. Kò dín owó tí bàbá rẹ̀ yá kù. Tí ọmọ bá ro oko fún ọdún méje, iye tí wọ́n yá náà ló ṣì wà nílẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí olówó bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, tó máa ń sọ pé "má ṣèyọnu, ìgbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni". Jẹ́jẹ́ yẹn ni gbèsè fi dàgbà títí wọ́n fi fi ọmọ dí i. Lójú ọkùnrin yìí, ẹni tó ní sùúrù fún ajigbèsè ni ìkà. Nígbà tó lóṣòó nítorí ṣílè méjì, ọmọ opó náà ló ń gbà sílẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀. Orí kejì àti orí keje ti wá ń ti ibì kan náà jáde.

Nǹkan méjì tí ó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Lílóṣòó nìkan kò sọ ọ́ di ahun, torí iṣẹ́ àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn nígbà náà ni, òǹkàwé tó mọ̀ ọ́n ò ní kà á sí ahun. Ẹ jẹ́ kó háwọ́ níbi tí iṣẹ́ ò ti fipá mú un. Èkejì ni pé ẹ má ṣe sún ìtàn náà síwájú kọjá oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, kí owó ilé-ìwé náà má bàa di asán.

Ìbéèrè: Ṣé kí n wá fi orí kan ṣàlàyé ìgbà èwe rẹ̀, láàárín orí kẹta sí ìkẹfà?

Ìdáhùn: Rárá o. Orí odindi máa dà bí ẹni ń rojọ́ níwájú adájọ́. Ohun tí àlàfo yẹn ń fẹ́ ni ìṣe kéékèèké, pàápàá èyí tí òǹkàwé máa kọ́kọ́ kà sí ahun, tí yóò sì tún un kà lọ́nà mìíràn tó bá yá.

Ní orí kẹta, ọkọ̀ sọ bàbá kalẹ̀ pẹ̀lú ìdì aṣọ. Ọmọ aláàárù kan sáré wá, kọ́bọ̀ kan ló fẹ́ gbà. Bàbá lé e dà nù, ó gbé ẹrù sórí ara rẹ̀, òógùn ń bọ́, àwọn tó wà nítòsí ń rẹ́rìn-ín. Òǹkàwé náà á rẹ́rìn-ín. Kò tíì mọ̀ pé bàbá yìí kò lè fojú rí ẹrù òun lórí ọmọdé. Ní orí kẹrin, ajigbèsè kan fi ṣílè kan rán ọmọ rẹ̀ sí i. Bàbá ò gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Ó rìn padà tọ bàbá ọmọ lọ, ó sì gbà á níbẹ̀. A ó ní ó le koko jù. Ní orí karùn-ún, ó rí ọmọ iléèwé kan tí síléètì rẹ̀ ti fọ́, ó ra òmíràn fún un ní sísì. Kí ẹnikẹ́ni má wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Bí èèyàn kan bá ń wò ó, òǹkàwé á rò pé òkìkí ló ń wá, ọ̀nà náà á sì dàrú. Ní orí kẹfà, ó lọ síbi ìkómọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn onílù kì í títí, kò fún wọn ní tọ́rọ́. Èyí ṣe pàtàkì, torí síléètì orí karùn-ún lè jẹ́ kí wọ́n rò pé ọkàn rẹ̀ ti ń rọ̀. Kò rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà fúnra rẹ̀, gbólóhùn kan tó o, lẹ́yìn orí keje, látẹnu ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lè sọ ọ́ nígbà tó ń ṣa ẹ̀wà: "Ọdún méje ló fi ro oko olówó bàbá wa." Kí ó máa ṣa ẹ̀wà lọ.

Ìbéèrè: Orí keje ńkọ́? Mo kọ ọ́ pé ó dá ṣílè méjì náà padà fún opó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì san owó ilé-ìwé. Ṣé kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ṣílè méjì yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí kì í jẹ́ kí gbèsè pẹ́ ò lè dárí gbèsè jì, torí bí olówó bàbá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kó gba ṣílè méjì náà pé pérépéré, kó kà á, kó sọ fún opó pé "kò sí nǹkan láàárín wa mọ́". Ìgbà náà ni kó gba ilé-ìwé lọ.

Ẹ sì jẹ́ kó fúnni bí ahun ṣe ń fúnni. Kó má fi owó sọ́wọ́ opó. Kó san án fún hẹdimásítà, kó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kó béèrè rìsíìtì, kó yọ télọ̀ lẹ́nu nítorí iye tó fẹ́ gbà lórí yunifọ́ọ̀mù. Ẹ yọ ẹ̀rín músẹ́ náà kúrò. Ibi tí àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń kùnà ni pé ohùn ẹ̀dá ìtàn wọn máa ń dùn lójijì lọ́jọ́ tó bá ṣoore. Ohùn orí kejì gan-an ni kó fi sọ̀rọ̀ ní orí keje.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ti wá dọ́gba jù báyìí, bí ẹ̀rọ: ọmọdé, ó fún un, àgbà, kò fún un.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí apá méjèèjì òfin náà kọ lu ara wọn. Ká ní opó náà tún gba aṣọ kan láwìn lẹ́yìn orí keje, ó wá kú kó tó san án. Gbèsè bọ́ sọ́rùn ọmọ. Bàbá kò lè fi gbèsè sílẹ̀ kó máa dàgbà, kò sì lè gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ̀gbọ́n opó náà wá sọ pé kí ọmọ máa bá bàbá ru aṣọ kiri títí yóò fi san án tán. Ẹ dúró síbí dáadáa, kí ẹ má sáré kúrò, torí ìwọ̀fà náà nìyẹn, òun gan-an ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe olówó. Ibí yìí ni kó ti bínú lọ́nà tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò lóye.

Ọ̀nà àbáyọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ahun. Dídárí jini ò ṣeé ṣe, iṣẹ́ ọmọ ò ṣeé ṣe. Ó lè ní kí wọ́n gbé aṣọ tí opó ti lò gbó náà wá, kó rà á padà ní iye tó tà á gan-an, kó sì fa orúkọ opó rẹ́ nínú ìwé rẹ̀. Òun ló pàdánù, aṣọ àkísà ló gbé lọ, ṣùgbọ́n lójú ara rẹ̀, ọjà ló rà. Òǹkàwé ò ní lè sọ ọ̀nà yìí tẹ́lẹ̀, àmọ́ tó bá ti ṣẹlẹ̀, á ní kò sí ohun mìíràn tí bàbá yẹn ì bá ṣe.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti dára?

Ìdáhùn: Ẹ fún ẹnì kan tí kò tíì kà á ní orí kìn-ín-ní sí ìkẹfà nìkan. Ẹ má béèrè bóyá ó gbádùn rẹ̀. Ẹ bi í ní mẹ́ta: Bí ọ̀rẹ́ bàbá yìí bá fẹ́ yá pọ́n-ùn kan láti fi ṣòkú, ṣé yóò yá a? Bí ọmọ ọ̀rẹ́ náà bá ń ṣàìsàn ńkọ́? Bí ajigbèsè kan bá ní kí ó gba ìdajì owó rẹ̀, kí wọ́n sì gbàgbé ìyókù? Bó bá gba méjì nínú mẹ́ta, tó sì lè tọ́ka sí ìṣẹ̀lẹ̀ tó jẹ́ kó mọ̀ ọ́n, òfin ti yọ. Bó bá gbà á ṣùgbọ́n tó ní "torí ó ti ń di èèyàn rere" ni, ẹ padà sí orí kẹfà. Àwọn onílù yẹn ò kì í tó.