Ìgò omi tí ń kún lọ, tí ń kún bọ̀: ìrírí mi lórí oúnjẹ ọmọ mi tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde

Ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo kà lórí pẹpẹ ilé ìdáná mi ní ọjọ́ tí a gbé ọmọ mi dé láti ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí ó ti lo ọjọ́ mẹ́fà níbẹ̀ nítorí ìrora egungun ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn. Mẹ́jọ nínú wọn ti ṣófo. Owó ilé ìwòsàn dùn mí, owó àwọn ìgò náà sì dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mí jù ni ohun tí dókítà ẹ̀jẹ̀ sọ fún mi kí a tó kúrò níbẹ̀: ọmọ náà kò nílò ọ̀kankan nínú ìgò mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án, ohun tí ó sì nílò, èmi gan-an ni mò ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Omi ni.

Ọmọ ọdún 7 ni, ó wọn kílò 20, jẹnotáìpù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ SS. Ó ṣì máa ń tọ̀ sílé. Nítorí èyí, láti aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni mo ti máa ń gbé ife kúrò níwájú rẹ̀, mo sì gbà pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó tẹ̀ bí dòjé máa ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín inú kíndìnrín jẹ́ láti kékeré, débi pé kíndìnrín kò ní lè fa omi padà sínú ara mọ́ bí ó ti yẹ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá mu omi, yóò tọ̀. Bí kò bá mu, yóò ṣì tọ̀, inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni omi náà yóò sì ti jáde. Ẹ̀jẹ̀ a wá ki, inú sẹ́ẹ̀lì pupa a gbẹ, sẹ́ẹ̀lì a tẹ̀, a sì dí ọ̀nà mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Aago 4 ìdájí ni ìrora náà bẹ̀rẹ̀, lórí ibùsùn tí ìtọ̀ ti rin gbingbin.

Nísinsìnyí, rọ́bà wà lábẹ́ aṣọ ibùsùn rẹ̀. Mò ń jí i ní aago 11 alẹ́, yóò tọ̀, yóò mu ìdajì ife omi, yóò sì padà sùn. Ní àwọn òru kan ó ṣì ń tọ̀ sílé, mo sì ń fọ aṣọ náà láìbá a wí.

Ìṣirò omi tí dókítà fi hàn mí kò le rárá. Kílò 10 àkọ́kọ́ nínú ìwọ̀n ọmọ gba mìlílítà 100 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kílò 10 tí ó tẹ̀lé e sì gba 50 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ọmọ mi jẹ́ 1,000 àti 500, èyí tí í ṣe lítà kan àbọ̀, ìyẹn ìgò onídajì lítà mẹ́ta. Ògì mímu, omi ọsàn àti omi ọbẹ̀ ẹja wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n omi lásán ni mo fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú tàbí tí ó bá sáré púpọ̀, mo ń fi ìgò kẹrin kún un. Ibà kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi nìkan o: bí ara rẹ̀ bá gbóná, ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn ni a ti ń fún un lómi.

Ìgò ti òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò yọ mí lẹ́nu ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìgò àárín, èyí tí ó ń bá a lọ sí iléèwé, ni ó gba oṣù kan àbọ̀ lọ́wọ́ mi.

Bí ìgò náà ṣe ń kún lọ ni ó ń kún bọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń gbàgbé ni. Mo bá a wí, mo bẹ̀ ẹ́, mo tún ra ìgò mìíràn tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Ní ọjọ́ kan tí mo rí i pé omi ṣì wà ní ọrùn ìgò náà gan-an níbi tí mo bu ú dé ní òwúrọ̀, mo jókòó tì í, mo sì bi í léèrè láìpariwo. Ó ní, "Mọ́mì, tí mo bá mu ún, màá fẹ́ tọ̀, Àǹtí wa kì í sì í jẹ́ kí á jáde àfi àsìkò ìsinmi." Ó ti tọ̀ sára nínú kíláàsì lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ sì ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ọdún 7 ti rò ó fúnra rẹ̀ pé kí ọ̀nà ọ̀fun òun gbẹ sàn ju kí ojú ti òun lọ. Omijé bọ́ lójú mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, inú sì bí mi.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ kò gùn: "Màmá, ẹ má bínú, tí mo bá jẹ́ kí òun nìkan máa jáde, gbogbo wọn ni yóò fẹ́ jáde." Ọ̀gá àgbà iléèwé ní kí n mú lẹ́tà wá láti ilé ìwòsàn. Mo mú un wá. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kò ju pé ọmọ náà ní àìsàn SS, kí iléèwé sì máa tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n fi lẹ́tà náà sínú fáìlì, ìgò sì tún ń kún bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Bí mo bá rántí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, inú ṣì máa ń bí mi, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ṣàìdáa sí wa nínú gbogbo wọn, síbẹ̀ ọmọ náà kò mu omi.

Nígbà tí mo padà lọ tò sórí ìlà ní ilé ìwòsàn láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sórí ìwé fúnra mi: kí ó máa mu omi nínú kíláàsì nígbàkígbà, kí ó máa jáde lọ tọ̀ láìtọrọ àyè, àti gbólóhùn kan tí yóò ṣàlàyé pé kíndìnrín rẹ̀ kò lè dá omi dúró, pé kì í ṣe ìwà ọmọ. Dókítà kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí lẹ́tà kejì dé ọwọ́ ọ̀gá àgbà ni ọ̀rọ̀ náà yanjú. Wọ́n gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì fún un ní páálí pupa kékeré kan tí yóò máa gbé sórí tábìlì rẹ̀ bí ó bá ń jáde. Èmi náà lẹ sẹ́lótéèpù yí ìgò náà ká ní ọ̀nà méjì: kí omi ti wálẹ̀ dé ìlà òkè kí aago ìsinmi tó lù, kí ó dé ìlà ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó jáde ọ̀sán, kí ó sì parí èyí tí ó kù lójú ọ̀nà ilé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó sáré bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó da ìgò náà dé, kò sì sí ẹ̀kán omi kan tí ó bọ́ sílẹ̀. Kò sí ohun tí mo sè rí tí ó fún mi ní irú ayọ̀ yẹn.

Ohun kan wà tí mo ṣì í ṣe fún ìgbà pípẹ́: mo máa ń wo àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀. Ọmọ mìíràn tí ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ gaara ti mu omi tó, ṣùgbọ́n nítorí kíndìnrín yìí, ìtọ̀ ọmọ mi lè mọ́ nígbà tí omi ara rẹ̀ ti ń tán lọ. Ó sì lè pọ́n nítorí sẹ́ẹ̀lì pupa tí ń fọ́, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi. Ètè rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ àti iye omi tí ó kù nínú ìgò ni mo ń wò báyìí.

Nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ẹ̀fọ́ ni mo rò pé mo mọ̀ jù, òun ni mo sì ti ṣìṣe jù. Sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó pé ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 nínú ara. Ti ọmọ SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Mùdùnmúdùn egungun kò sinmi àtidá tuntun, fólíìkì, èròjà kan tí ó wà nínú ẹ̀fọ́, sì ni ó ń lò láti fi dá a. Fólíìkì máa ń yọ́ sínú omi, iná sì máa ń bà á jẹ́. Èmi a bọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ma fún un pa láàárín àtẹ́lẹwọ́, omi aláwọ̀ ewé yẹn a máa ṣàn gba àárín ìka mi, ma sì dà á sí gọ́tà. Ohun tí mo torí rẹ̀ ra ẹ̀fọ́ ni mò ń dà nù.

Báyìí, mo ń fọ ewé kí n tó gé e, n kò sì bọ̀ ọ́ mọ́. Ata, ẹja àti epo yóò ti jinná kí ẹ̀fọ́ tó wọ inú rẹ̀, mo ń dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, mo sì ń gbé e kalẹ̀ nígbà tí ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ìkòkò kékeré ni mo ń sè, nítorí ọbẹ̀ tí a gbé kaná fún ọjọ́ mẹ́ta kò ní fólíìkì púpọ̀ mọ́. Ewédú rọrùn jù fún mi, nítorí omi tí a fi sè é náà ni a fi ìjábẹ̀ ja á sínú rẹ̀, kò sí ohun tí a dà nù. Ẹ̀wà, omi tí ó fi jinná ni ó ń gbẹ sínú rẹ̀, tàbí kí n fi ṣe mọ́ínmọ́ín eléwé. N kò ka ewúro mọ́ ọn, nítorí fífọ̀ tí a ń fọ̀ ọ́ kí ó má baà korò ti gbé púpọ̀ lọ. Síbẹ̀, oògùn fólíìkì tí dókítà kọ, ojoojúmọ́ ni ó ń lò ó. Oúnjẹ kò gba ipò rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìgò mẹ́sàn-án. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 23 nígbà tí ara rẹ̀ le. Mo rí i pé ti ọmọ àbúrò mi jẹ́ 36, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra oògùn ẹ̀jẹ̀ kí tirẹ̀ lè dé ibẹ̀. Kò lè dé ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré nítorí pé sẹ́ẹ̀lì ń fọ́, èròjà irin inú sẹ́ẹ̀lì tí ó fọ́ sì ń dúró nínú ara, ara sì tún ń fi dá òmíràn. A ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀jẹ̀ àfàsára náà sì gbé irin púpọ̀ wá. Ara ènìyàn kò ní ọ̀nà tí ó ń gbà kó irin tí ó pọ̀ jù jáde; inú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn ni ó ń kó jọ sí. Nígbà tí wọ́n yẹ fẹ́rítìn rẹ̀ wò, èyí tí ń fi hàn bí irin tí ó wà ní ìpamọ́ nínú ara ṣe pọ̀ tó, ó ti ga, mo sì ti fi oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin olóṣù mẹ́rin lé e lórí.

Àwọn ọmọ SS kan wà tí irin ara wọn kéré lóòótọ́, pàápàá àwọn tí a kò fa ẹ̀jẹ̀ sí lára rí, nítorí náà àyẹ̀wò ni ó ń sọ ọ́, kì í ṣe ojú tí ó funfun. Kí a ṣe é nígbà tí ara ọmọ bá le, torí àìsàn nìkan lè mú kí fẹ́rítìn ga. Dókítà kò ká ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹran lọ́wọ́ wa. Ẹ̀dọ̀ tí mo ń sè fún un lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ nìkan ni ó ní kí n dín kù, ó sì di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Ìgò kẹsàn-án, èyí tí n kò tíì ṣí, mo dá a padà fún oníkẹ́míìsì; kò gbà á. Ní sáà tí ń bọ̀ ọmọ náà yóò bọ́ sí kíláàsì tuntun, lọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn. Mo ti ṣe ẹ̀dà lẹ́tà kejì sílẹ̀ ní mẹ́ta, páálí pupa náà sì wà nínú àpò rẹ̀.