Bí A Ṣe Parí Ẹjọ́ Àwọ̀n Mi Nílé Baálẹ̀

Àwọ̀n tuntun ni, mi ò tíì san gbèsè rẹ̀ tán. Ìrọ̀lẹ́ ni mo dẹ ẹ́ sójú ọ̀sà níwájú abúlé wa lápá Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akérò kan ti gé e yánnayànna. Ibi tí mo kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, wọ́n ní kí n mú owó epo mọ́tò wá ná. Epo mọ́tò, fún ọ̀rọ̀ orí omi! Mo bá gbé obì, ó di ilé Baálẹ̀.

Ìkíni àti obì pípa, ẹ mọ gbogbo ìyẹn. Mo rojọ́, ọlọ́kọ̀ náà rojọ́. Ó ní àwọ̀n mi ló wá bá òun lójú ọ̀nà ọkọ̀. Ta ló rí àwọ̀n tó ń rìn rí? Baálẹ̀ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kó tó kan àwọn àgbà. Ó kù díẹ̀ kí gbogbo wọn panu pọ̀ pé kí ó san án, ni bàbá kan bá ní, "Èmi ò tíì gbà o."

Ẹnì kan péré! Mo ní ṣebí àwọn tó gbà ló pọ̀ jù. Baálẹ̀ ní àwọn kì í ka orí dá ẹjọ́, torí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé yóò gbé e délé, yóò sì dá ìjà mìíràn sílẹ̀. Wọ́n sún ìjókòó síwájú. Inú bí mi débi pé mi ò kí bàbá yẹn dáadáa nígbà tí mo ń jáde.

Nígbà tí a tún pàdé, bàbá ní kí n tẹ́ àwọ̀n náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Níbi tí ẹ́ńjìnnì ti kọjá, òwú rẹ̀ gé mọ́lẹ̀ ṣáká, ó sì lọ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n lápá kejì, kò gé: ńṣe ló fà gùn, gbòǹgbò dúdú koríko ojú omi tó gba Bàdágìrì wọlé ní 1984 sì há sí i. Ìyá eléja kan tọrọ ààyè, ó ní òun rí òkìtì koríko náà lójú ọ̀nà ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Afẹ́fẹ́ ti fi koríko wọ́ àwọ̀n mi kúrò níbi tí mo dẹ ẹ́ sí. Àwọn àgbà wá bi ọlọ́kọ̀ bóyá ó tan iná. Ó dákẹ́.

Baálẹ̀ ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn: kí ó san ìdajì, kí abúlé gún ọparun sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà ọkọ̀, kí ọkọ̀ kankan má ṣe rìn lóru láìtan iná. Bàbá olórí kunkun yẹn náà ní òun gbà.

Bí irú rẹ̀ bá ṣe yín, ẹ má fọ àwọ̀n, ẹ má já gbòǹgbò kúrò lára rẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ẹ jọ ń rojọ́ fẹnu ara rẹ̀ tún ìdájọ́ sọ kí ẹ tó dìde. Ọlọ́kọ̀ tiwa ní díẹ̀díẹ̀ lòun máa san. Baálẹ̀ ní, "Láti ọjọ́ ọjà wo, di ọjọ́ ọjà wo?"