Òrùlé Ta Lèyí? Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Àwòrán Ìpolówó Sólà l'Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá ń ta sólà l'Abẹ́òkúta lónìí, orí Wásáàpù ni òun àti oníbàárà ti máa ń kọ́kọ́ pàdé kí wọ́n tó fojú kan ara wọn. Àwòrán ló ń ṣíwájú ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ìpolówó ni mò ń ṣe, mo sì ń rí i pé ọ̀pọ̀ àwòrán wọ̀nyí ló ń ba ọjà jẹ́ mọ́ ẹni tó gbé wọn jáde lọ́wọ́. Kì í ṣe pé wọn ò dán. Wọ́n dán ju bó ṣe yẹ lọ. Òrùlé inú wọn kì í ṣe tiwa, pánẹ́ẹ̀lì orí rẹ̀ kò sì ṣeé tò sórí òrùlé kankan láyé.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé ìpolówó kan yẹ̀ wò dáadáa. Ẹni tó ni ín máa ń to sólà káàkiri Ìbarà àti Pánṣẹ́kẹ́. Ohun tó kọ síbẹ̀ kò lábùkù: ìnfátà kílówáàtì 5, pánẹ́ẹ̀lì 8 oníwáàtì 550, bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ àwòrán tó wà lókè ọ̀rọ̀ náà, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti fà á. Ilé alámọ̀ pupa kan ni, ó ní símínì, ọkùnrin òyìnbó kan sì wọ jákẹ́ẹ̀tì òtútù, ó ń di súkúrúù. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú, tí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí, fèsì báyìí: "Ọmọ mi, ṣé ìlú òyìnbó lo ti ń ṣiṣẹ́ ni? Ilé tèmi ò ní símínì o."

Ìyá náà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọkùnrin yìí ti gun òrùlé onípáànù rí, kó sì sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé òjò ń jò sínú yàrá lẹ́yìn náà. Àwòrán tó yẹ kó dáhùn ìbéèrè yẹn gan-an ló dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀ o. ARCON, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìpolówó, ti fòfin de lílo àwọn àjèjì gẹ́gẹ́ bí àwòṣe nínú ìpolówó tó wà fún ọjà Nàìjíríà láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2022. Onísólà wa yìí kò tilẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Ẹni tó bá a tún un ṣe ya fọ́tò ilé kan ládùúgbò, ilé ilẹ̀ olórùlé àlúmíníọ̀mù aláwọ̀ ọtí wáìnì, tánkì omi dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wáyà Nẹ́pà sì gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ilé wa nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa jiyàn. Lẹ́yìn náà ló fi kọ̀ǹpútà lẹ pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ mọ́ ọn lórí. Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe tó burú jù ti wọlé, torí pé nígbà tí ilé bá ti jọ òótọ́, irọ́ tó wà lórí rẹ̀ á túbọ̀ hàn.

Ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Pánẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 550 tó wọ́pọ̀ lọ́jà máa ń gùn tó mítà 2.28, ó fẹ̀ tó mítà 1.13, ó sì wúwo tó kílò 28. Ìlẹ̀kùn yàrá kò tó o. Tí ẹ bá na ènìyàn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì á gùn jù ú lọ. Nínú ìwé ìpolówó yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ìdajì fèrèsé lọ. Gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wá kó ara wọn jọ sí igun kan lókè ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí ẹ bá to mẹ́jọ gidi ní ìlà méjì, mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀, tí ẹ sì fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sáàárín wọn, wọ́n á gba mítà 4.6 ní fífẹ̀ àti mítà 4.6 ní gíga. Láti góńgó òrùlé dé etí rẹ̀ nínú ilé yẹn kò lè ju mítà márùn-ún lọ. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ kan òrùlé náà ló máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ èyí wò rọrùn. Fèrèsé tó wọ́pọ̀ nílé wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ìyẹn mítà 1.2. Pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tò lóòró, ìbú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti fèrèsé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gígùn rẹ̀ lè kúrú lójú, nítorí pé òrùlé dà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìbú kì í parọ́ báyẹn. Ẹ tún kíyè sí i pé òrùlé wa tó dà sí ọ̀nà mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó gbòòrò àti ẹ̀gbẹ́ méjì tó ṣẹ́nu bí orí ọfà. Orí èyí tó ṣẹ́nu ni wọ́n lẹ ti inú ìwé ìpolówó yìí mọ́, igun pánẹ́ẹ̀lì méjì sì yọ síta kọjá òrùlé, wọ́n dúró lórí afẹ́fẹ́.

Ohun tó wà lára pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ tún burú ju ìwọ̀n lọ, òun sì ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí á kọ́kọ́ rí. Ẹ sún un mọ́jú kí ẹ ka sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tó wà lójú rẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 550 táwọn ènìyàn ń rà, dúdú ni tàbí búlúù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Gé ni wọ́n gé àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sí méjì-méjì: mẹ́fà ní ìbú, mẹ́rìnlélógún ní òòró, gbogbo rẹ̀ 144, àlàfo kan sì gba àárín kọjá ní ìbú tó pín in sí méjì. Èyí tó wà nínú ìwé ìpolówó, búlúù tó ń dán yanran bíi yìnyín ni, mẹ́fà ní ìbú, mẹ́wàá ní òòró, kò ní àlàfo láàárín. Pánẹ́ẹ̀lì ayé àtijọ́ nìyẹn, oníwáàtì 250 sí 280. Ẹ ṣírò ó: mẹ́jọ oníwáàtì 550 jẹ́ wáàtì 4,400, mẹ́jọ irú èyí tó wà nínú àwòrán kò lè kọjá 2,240. Ọ̀rọ̀ ń sọ kan, àwòrán ń sọ nǹkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì rẹ̀. Oníbàárà tó bá mọ̀ á rò pé ògbólógbòó pánẹ́ẹ̀lì lẹ fẹ́ kó fún òun.

(Mo tiẹ̀ ti rí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn gbóná omi ṣe àwòrán sólà, tọ́ọ̀bù gíláàsì gígùn gígùn pẹ̀lú tánkì lórí. Ìyẹn ò mú iná wá o.)

Ẹ wo bó ṣe jókòó. Ti inú ìwé ìpolówó yìí lẹ̀ mọ́ páànù pẹ́pẹ́ bíi sítíkà. Ní ti gidi, ọ̀pá àlúmíníọ̀mù méjì ló máa ń gba abẹ́ ìlà pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kọjá ní ìbú. Ẹsẹ̀ kéékèèké ló gbé ọ̀pá náà dúró, súkúrúù tó ní rọ́bà lọ́rùn sì dè é gba inú páànù mọ́ igi ìdábùú òrùlé. Ìdè kéékèèké ló di pánẹ́ẹ̀lì mú láàárín àti ní ìparí ìlà. Pánẹ́ẹ̀lì máa ń ga kúrò lórí páànù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀, torí pé bó bá ṣe ń gbóná sí i ni iná tó ń mú wá ń dín kù. Òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ etí pánẹ́ẹ̀lì nínú fọ́tò, ibi gíga yẹn ló ti wá. Bí kò bá sí, ojú ẹni tó ń wò á mọ̀ pé nǹkan kan ò tọ́, bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun tó jẹ́. Ẹ tún wo ìlà ara páànù: láti góńgó lọ sí etí ni wọ́n ń lọ. Etí gígùn pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tò lóòró gbọ́dọ̀ bá wọn rìn. Ti inú ìwé ìpolówó yìí dagun.

Ó wá kan oòrùn. Abẹ́òkúta fi díẹ̀ lé ní ìwọ̀n 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán gangan máa ń ga níbí lọ́dún yípo. Ọ̀pá mítà kan tí ẹ rì mọ́lẹ̀ ní ọ̀sán oṣù Kejìlá, òjìji rẹ̀ kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, àríwá ló sì máa kọjú sí. Ní oṣù Kẹfà, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 ni, ó sì ti yí sí gúúsù. Ọ̀pá kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́sàn-án oṣù Kejìlá, òjìji rẹ̀ á lé ní mítà mẹ́ta ààbọ̀. Bí àwòrán bá wá ní òjìji gígùn gbọọrọ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ìlú mìíràn ló ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni pánẹ́ẹ̀lì tó dúró gòòrò bí ẹni ń wo ojú ọ̀nà. Tiwa kì í dà ju ìwọ̀n 10 sí 15 lọ, ó sì máa ń kọjú sí gúúsù bí òrùlé bá gbà á láyè. Bó bá sì tẹ́ ju ìwọ̀n 10 lọ, òjò ò ní fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀ dáadáa.

Tánkì omi inú fọ́tò yẹn tún dá wàhálà sílẹ̀. Òjìji rẹ̀ wá láti ọwọ́ ọ̀tún, ó sì kọjá lórí ibi tí wọ́n lẹ pánẹ́ẹ̀lì mọ́, àmọ́ ojú pánẹ́ẹ̀lì mọ́ rekete, ó sì ń dán láti ọwọ́ òsì. Oòrùn méjì nìyẹn lójú ọ̀run kan. Ká tiẹ̀ ní ẹ fi òjìji náà sórí wọn kó lè jọ òótọ́, ẹ ti polówó iṣẹ́ burúkú, nítorí pé òjìji tó bá bo apá kan pánẹ́ẹ̀lì ń fa iná tó ń jáde lára rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè ṣàkóbá fún àwọn yòókù tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ọn. Onísólà tó mọṣẹ́ á kúrò níbi òjìji tánkì, tàbí kó ní kí wọ́n gbé tánkì sápá àríwá.

Ohun tí mo ní kó lò níkẹyìn ni fọ́tò iṣẹ́ tó ti ṣe n'Íbarà. A ya á láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé kejì ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nígbà tí òjìji ti jẹ́ kí ọ̀pá àti ìdè hàn, tí gíláàsì ò sì tíì máa tan mọ́lẹ̀ sójú kámẹ́rà. Ojú ọ̀run funfun díẹ̀, a kò sọ ọ́ di búlúù. Páànù ògbó tó pọ́n nílé kejì hàn lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bá gun Olúmọ ṣe máa ń rí i láti Aké dé Sàpọ́n. Ìnfátà àti bátìrì, inú ilé la ti ya wọ́n lára ògiri, ká má bàa kó wọn jáde sínú oòrùn nítorí fọ́tò.

A gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé kó tó jáde. Bàbá náà gbà, ó kàn ní kí a pa nọ́ńbà ọkọ̀ òun rẹ́ àti nọ́ńbà ilé tó wà lára géètì, torí pé pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé ń sọ fún olè pé bátìrì olówó ńlá wà nísàlẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì ní iṣẹ́ kankan láti ya, tó sì pọn dandan kí ẹ fi kọ̀ǹpútà tò ó, ẹ kọ "àwòrán àpẹẹrẹ" sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà tó ṣeé kà lórí fóònù.