Bí A Ṣe Ń Dín Odindi Ẹyin: Èyí Tí A Kò Yí, Èyí Tí A Yí, àti Èyí Tí A Dé

Ẹyin tí a lù pọ̀ mọ́ ata àti àlùbọ́sà kọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Èyí tí à ń dà sínú páànù lódindi ni, tí pupa rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọ́. Ní àwọn ilé oúnjẹ àárọ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé irú èwo lẹ fẹ́. Sọní-sáìdì-ọ́ọ̀pù ni èyí tí a kò yí rárá, tí pupa rẹ̀ ń wo òkè. Ófà-ísì ni èyí tí a yí fún ìgbà díẹ̀, tí pupa inú rẹ̀ ṣì ń ṣàn. Bésítẹ́ẹ̀dì kò ní yíyí, ṣùgbọ́n a máa ń fi òróró gbígbóná tàbí ooru omi se ojú rẹ̀.

Ìṣòro kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bá jà. Ìsàlẹ̀ ni iná ti ń wá, funfun tó ki tó sì rọ̀gbà yí pupa ká ló sì máa ń jinná kẹ́yìn. Funfun ẹyin ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì tí ooru rẹ̀ bá tó nǹkan bí 62 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í le dáadáa àfi tó bá sún mọ́ 80. Pupa kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀: ní 65 ó ti ń ki, tó bá fi máa tó 70 kò ní ṣàn mọ́. Ohun tí à ń wá ni kí funfun gbóná ju pupa lọ, bẹ́ẹ̀ inú páànù kan náà ni àwọn méjèèjì wà.

Ẹyin tuntun ni kí ẹ lò. Ẹ fi í sínú omi: tó bá dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀, ó dára, tó bá nàró, ó ti pẹ́ díẹ̀, ẹ sè é. Ẹyin tó ti pẹ́, funfun rẹ̀ á ti di omi, á sì tàn ká gbogbo páànù. Bí irú rẹ̀ nìkan lẹ bá ní, ẹ dà á sórí asẹ́ kékeré fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí èyí tó dà bí omi ro dànù. Orí tábìlì ni kí ẹ ti fọ́ ọ, kì í ṣe etí páànù, kí ẹ sì kọ́kọ́ dà á sínú abọ́ kékeré. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ ni mo ń lò, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 20 sẹ̀ntímítà, ẹyin méjì kì í sì í jù bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀.

Iná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Wọ́n á jẹ́ kí òróró gbóná bí ẹni fẹ́ dín dòdò, wọ́n á wá da ẹyin sí i. Ìsàlẹ̀ á pọ́n lójú ẹsẹ̀, etí á gbẹ, á sì yi, síbẹ̀ funfun tó wà lẹ́bàá pupa á ṣì máa fà bí ilá. Nígbà tí wọ́n bá fi máa rí i pé òkè kò tíì jinná, ìsàlẹ̀ ti jóná. Kí ẹ má bàa bá ara yín níbẹ̀, ẹ fi etí gbọ́ ọ. Fún ẹyin tí a kò ní yí, ìró rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré gan-an nígbà tó bá wọ páànù. Tó bá ń ta pàràpàrà, tí funfun sì ń ru sókè, iná ti pọ̀ jù. Ẹ gbé páànù kúrò, ẹ má dúró dìgbà tí iná á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn sítóòfù gáàsì kan wà tó jẹ́ pé iná wọn tó kéré jù ṣì tóbi jù fún ẹyin. Irú ẹ̀yí, gbígbé páànù sókè sódò ni mo fi ń darí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dín ẹyọ kan láì yí i. Ẹ fi bọ́tà kún ṣíbí tíì kan, ẹ yọ́ ọ lórí iná kékeré. Á hó díẹ̀ nítorí omi tó wà nínú rẹ̀; kò gbọdọ̀ pọ́n. Òróró ẹ̀pà dára bákan náà, ó sì dínwó, àmọ́ mágárínì tí wọ́n ṣe fún búrẹ́dì nìkan máa ń ní omi púpọ̀, ó sì ń ta sí ènìyàn lára. Ẹ rọra da ẹyin sí i. Ẹ fi ẹnu ṣíbí ya funfun tó ki lẹ́bàá pupa, kí ó lè tàn sílẹ̀ kan páànù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa gbà. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí kan ibi tó sún mọ́ pupa jù: tí kò bá lẹ̀ mọ́ ṣíbí, ó ti jinná. Inú àwo ni kí ẹ ti bù iyọ̀ sí i, nítorí iyọ̀ máa ń fi àmì tóótòòtó sí ojú pupa.

Fún èyí tí a ó yí, ẹ fi ọ̀rá kún un díẹ̀ kí ó lè yọ̀. Ẹ má yí i títí gbogbo funfun yóò fi dì, àfi ìwọ̀nba tó kù lẹ́bàá pupa. Ṣíbí pẹlẹbẹ tí ẹ fi ń yí dòdò, tó bá tinrín tó sì fẹ̀, ẹ tì í wọ abẹ́ rẹ̀ títí tí pupa á fi jókòó sórí rẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni pupa ti máa ń fọ́: wọ́n á ti ṣíbí dé ìdajì, wọ́n á sì gbé e sókè fíofío kí wọ́n tó dà á dé. Ẹ jẹ́ kí etí ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan páànù, kí ẹyin kàn yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ pa iná, ẹ dúró fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ẹ dà á sí àwo.

Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù, ọ̀nà méjì ló sì ní. Ọ̀nà ọ̀rá ń fẹ́ bọ́tà tàbí òróró tó kún ṣíbí ìjẹun méjì, pẹ̀lú iná tó lágbára díẹ̀. Ẹ dá páànù dẹ̀gbẹ́, ẹ máa bu ọ̀rá tó ṣàn jọ, ẹ máa dà á sórí funfun, kì í ṣe sórí pupa. Báyìí ni etí ẹyin á ṣe gbẹ táá sì máa ró lẹ́nu; ní Sípéènì, òróró ólífì púpọ̀ tó gbóná gan-an ni wọ́n ń lò fún un.

Ọ̀nà ọmọrí kò nílò ọ̀rá púpọ̀. Nígbà tí ìsàlẹ̀ bá ti dì, ẹ dín iná kù, ẹ di ọmọrí mú lọ́wọ́ kan, ẹ fi ọwọ́ kejì da omi ṣíbí ìjẹun kan sí etí páànù, ẹ sì dé e kíákíá, torí omi lórí ọ̀rá gbígbóná á ta. Ooru omi á se òkè láàárín ìṣẹ́jú kan, awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á sì bo pupa lójú. Ọmọrí onígíláàsì ló dára jù, nítorí ẹ óò máa rí i. Bí kò bá sí, ẹ da abọ́ tánganran dé e, èyí tó jìn débi tí kò ní kan pupa. Ẹ ṣí i gbàrà tí awọ yẹn bá ti bò ó, nítorí pupa ò ní pẹ́ le lábẹ́ ọmọrí.

Ẹyin tí pupa rẹ̀ ń ṣàn lè ní kòkòrò sàmónẹ́là. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2017 ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí oúnjẹ ti sọ pé aláboyún, ọmọdé àti àgbàlagbà lè jẹ ẹyin adìyẹ tó ní àmì kìnnìún pupa lára èèpo láì jẹ́ pé pupa rẹ̀ le. Bí ẹyin tí ẹ rà kò bá ní irú àmì bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí lẹ ń dín in fún, ọ̀nà ọmọrí ni kí ẹ gbà: ẹ fi omi ṣíbí kan kún un, ẹ tún dé e fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, títí tí àárín pupa kò fi ní jì mọ́ tí ẹ bá mi páànù.