Àtẹ ìpinnu fún kítóásídósísì: ẹ fi ìbéèrè pòtásíọ́mù ṣáájú ínsúlínì

A kọ ìwé yìí fún àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ilé ìwòsàn kéékèèké ní Iléṣà àti agbègbè rẹ̀, lẹ́yìn tí aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà kan kú sí wọ́ọ̀dù tí àtẹ ìpinnu wà lára ògiri rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ lé àtẹ náà bó ṣe wà. Àpótí ínsúlínì ló wà lókè, ti pòtásíọ́mù wà nísàlẹ̀. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ta dírípù, a ò ní kọ́ yín ní ìyẹn. Bí ẹ ṣe máa fa ojú ìwé kan ṣoṣo yọ nínú ìwé ìlànà gígùn la bá wá.

Àṣìṣe kan náà là ń rí níbi gbogbo. Ìwé ìlànà máa ń sọ̀rọ̀ omi, lẹ́yìn náà ínsúlínì, lẹ́yìn náà pòtásíọ́mù. Ẹni tó ń ya àtẹ á kàn kó àkọlé orí wọ̀nyí sínú àpótí bí wọ́n ṣe tò. Àmọ́ gbólóhùn kan wà nínú ìwé náà pé bí pòtásíọ́mù bá dín sí 3.5 mmol/L, ẹ má tíì fún aláìsàn ní ínsúlínì. Ínsúlínì máa ń ti pòtásíọ́mù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti kéré tẹ́lẹ̀, ọkàn lè dáwọ́ dúró. Gbólóhùn yẹn ló ń já sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ mú báírò méjì. Ẹ fi búlúù fàlà sábẹ́ ohun tí a ní ká ṣe. Ẹ fi pupa fàlà sábẹ́ gbogbo “bí”, “àyàfi”, “títí” àti “ṣáájú”. Ìlà búlúù á di àpótí, ìlà pupa á di ìbéèrè. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní iye nínú, kí ọfà méjì ó kéré tán jáde lára rẹ̀, kí ọfà kankan má sì parí sí òfìfo. Bí ìlà pupa kan bá lè dá búlúù kan dúró, òkè búlúù yẹn ni ẹ máa yà á sí, ì báà jẹ́ orí kẹwàá ni ẹ ti rí i.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ dán an wò. Ìyá àgbẹ̀ kan dé láti oko kòkó, ó wúwo tó kílò 60, ó ń bì, ó ń mí kíkankíkan. Ẹ̀rọ ṣúgà fi 480 mg/dL hàn, kítóònù inú ìtọ̀ jẹ́ mẹ́ta. Lítà sálàìnì kan wọlé ní wákàtí àkọ́kọ́. Èyí kì í dúró de láàbù. Èsì dé: pòtásíọ́mù 3.1. Àtẹ burúkú á ní ká bẹ̀rẹ̀ ínsúlínì, 0.1 lọ́nà 60, ìyẹn yúnìtì 6 ní wákàtí kan. Àtẹ tó tọ́ á ní: ínsúlínì dúró, bó bá ń tọ̀, ẹ fi pòtásíọ́mù 10 sí 20 mmol sínú dírípù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí méjì. Ó di 3.7. Ìgbà yìí ni yúnìtì 6 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú pòtásíọ́mù 10 sí 20 mmol nínú lítà omi kọ̀ọ̀kan. Ká ní ó ju 5.0 lọ ni, ínsúlínì nìkan, láìsí pòtásíọ́mù, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí méjì méjì.

Ẹ kọ èyí sínú àpótí náà gan-an: ìgò kékeré pòtásíọ́mù kílóráìdì mílílítà 10 ti 15% ní 20 mmol nínú, inú dírípù ni wọ́n ti ń pò ó. Ẹni tó bá fi síríńjì tì í tààrà sínú iṣan ti pa èèyàn.

Ọfà kẹrin wà lára ìbéèrè pòtásíọ́mù tí ẹ máa ń gbàgbé: “èsì kò tíì dé”. Láàbù lè ti kógbá wọlé, iná lè má sí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé sálàìnì ń lọ, kò sí ínsúlínì, ẹ pe ilé ìwòsàn ńlá, kí dírípù máa kán lọ́nà. Ẹni tí wọn ò bá kọ nǹkan kan fún, ohun tó bá wá sí i lọ́kàn ló máa ṣe.

Ìbéèrè kejì tí wọ́n máa ń yà sódì ni ti ṣúgà tó ti wálẹ̀ sí 250. Ọ̀pọ̀ á kọ “ẹ dá ínsúlínì dúró”. Ó tì o! Kítóònù ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi dẹ́kístróòsì 5% tàbí 10% kún omi, kí ẹ dín ínsúlínì kù sí ìlàjì, yúnìtì 3 fún ìyá yìí, títí bàíkábónéètì á fi tó 18, tí kítóònù inú ẹ̀jẹ̀ á sì wálẹ̀ kúrò ní 0.6.

Ẹ kọ ọdún ìlànà sísàlẹ̀ ìwé: ti 2009 lo 3.3 níbi tí ti 2024 ti lo 3.5, a kì í pò wọ́n pọ̀. Ti ọmọdé ní ojú ìwé tirẹ̀, nítorí omi wọn yàtọ̀.

Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ fún nọ́ọ̀sì tí kò ka ìlànà náà rí, kí ó fi ìka tọ ọfà pẹ̀lú iye ìyá yìí. Ibi tó bá ti gbójú sókè bi yín léèrè, ìlà pupa kan ló já sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ padà sínú ìwé lọ wá a.