Gèlè tó ń dán, fóònù kan, fèrèsé kan: bí mo ṣe ya fídíò náà ní Kubwa

Fídíò gèlè wíwé oníṣẹ́jú 8 ni mo yà fún àǹtí kan tó ń kọ́ni ní gèlè wíwé ní Kubwa, l'Ábùjá níhìn-ín. Gèlè náà jẹ́ aláwọ̀ wúrà, irú èyí tó ń kọ mọ̀nà, àǹtí sì jẹ́ adúmáadán. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bí fóònù bá wo ojú, gèlè á funfun báláú, a ò ní rí ìṣẹ́po rẹ̀ kankan. Bí ó bá wo gèlè, ojú á ṣókùnkùn. Ẹ̀kọ́ gèlè tí a kò rí ìṣẹ́po níbẹ̀, kí lẹnì kan fẹ́ kọ́? Mi ò ra iná kankan. Fèrèsé, kọ́tìnì funfun kan, páálí funfun kan àti tiráípọ́ọ̀dù ni mo lò.

Yàrá náà ní fèrèsé méjì, ọ̀kan kọjú sí ìlà oòrùn, èkejì sí àríwá. Ti àríwá ni mo mú. Àsìkò ọyẹ́ ni, oṣù Kínní. Láti ìparí oṣù Kẹsàn-án títí wọ oṣù Kẹta, apá gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá lórí wa, kì í tàn tààrà wọ fèrèsé àríwá. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run nìkan ló ń wọlé, kì í sì í yí padà púpọ̀ láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ má fi ṣe òfin gbogbo ọdún o. Láti àárín oṣù Kẹrin sí ìparí oṣù Kẹjọ, oòrùn ọ̀sán Àbújá máa ń bọ́ sí apá àríwá, fèrèsé gúúsù ló sì dára jù nígbà náà. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí àríwá wà, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún sí ibi tí oòrùn ti ń yọ; iwájú yín ni àríwá.

Kí n tó gbé ohunkóhun kalẹ̀, mo di ìkúùkù, mo gbé e sí iwájú ògiri funfun, bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí i, mo wo òjìji rẹ̀. Bí etí òjìji bá mú bí ẹni fi abẹ gé e, ìmọ́lẹ̀ náà le jù: imú á ṣe òjìji sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, gèlè á sì máa ta iná sí kámẹ́rà. Bí etí rẹ̀ bá rọ̀, tí a kò mọ ibi tó parí sí gan-an, ìyẹn la ń wá. Tiwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ tó, ṣùgbọ́n ògiri funfun ilé kejì ń da oòrùn padà sí wa. Mo ta kọ́tìnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo fèrèsé, ó parí. Aṣọ ìbùsùn funfun tí kò nípọn náà á ṣe é. Kọ́tìnì aláwọ̀ kò dáa, torí àwọ̀ rẹ̀ ni yóò wà lójú ẹni tí ẹ ń yà.

Mo gbé àga sí nǹkan bíi mítà kan sí fèrèsé. Bí ẹ bá sún un wọnú yàrá sí i, ìmọ́lẹ̀ á dínkù kíákíá, fóònù á sì máa fi ipá mú àwòrán mọ́lẹ̀, èyí tó máa ń jẹ́ kí ibi dúdú rí bí iyanrìn tó ń hó. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ojú yín díẹ̀ sí fèrèsé, kò ní í jẹ́ tààrà." Fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ iwájú rẹ̀ lápá òsì, kámẹ́rà wà níwájú. Ẹ má fi fèrèsé sẹ́yìn ẹni tí ẹ ń yà láé; òjìji ènìyàn lásán lẹ máa rí.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wá ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ. Páálí funfun yẹn, irú tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà, ni mo fi ti àga kejì lápá ọ̀tún, ó ku díẹ̀ kó wọ inú àwòrán. Ó ń da ìmọ́lẹ̀ fèrèsé padà sójú rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò, ẹ tún gbé e padà, kí ẹ máa wo ojú fóònù: bí ẹ kò bá rí ìyàtọ̀, ó ti jìnnà jù.

Ní ti tiráípọ́ọ̀dù, ẹ dán an wò ní ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, ẹ fi fóònù yín sí i, ẹ fi ìka kan tẹ orí fóònù náà. Bí orí tiráípọ́ọ̀dù bá ń tẹrí ba, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Mo gbé kámẹ́rà sí ìwọ̀n ojú àǹtí. Ọ̀pá àárín ni mo fà jáde kẹ́yìn, díẹ̀ ló sì jẹ́, torí òun ló máa ń mì jù. Mo fi píọ́wọ́tà mẹ́rin sínú náílọ́ọ̀nù, mo so ó mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ìyẹn tó kílò méjì, ó sì dúró gbọn-in.

Mo fi aṣọ tó mọ́ nu ojú kámẹ́rà ẹ̀yìn, nítorí eruku ọyẹ́ máa ń jẹ́ kí gbogbo ibi tó ń dán yọ èéfín. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ni kí ẹ lò, ó sàn ju ti iwájú lọ lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Mo yàn `1080p` àti `30fps`. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ìṣẹ́jú kan lè gba nǹkan bíi 130 `MB`, nítorí náà mo rí i pé àyè tó ju 2 `GB` lọ wà nílẹ̀. Mo tan `Airplane mode` kí ìpè má baà já iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ gèlè wá kù. Mo fi ìka tẹ ojú àǹtí lórí fóònù, mo sì dì í mọ́lẹ̀ títí `AE/AF LOCK` fi jáde, ìyẹn ni pé fóònù ti ti ìmọ́lẹ̀ àwòrán pa, kò ní máa yí i padà fúnra rẹ̀. Àwọn fóònù mìíràn á fi àmì àgádágodo hàn. Àmì oòrùn kékeré á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìlà ìṣẹ́po gèlè fi hàn, mo sì dúró níbẹ̀. Ojú á dúdú ju bí a ṣe fẹ́ lọ díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀. Ojú tó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣeé tún ṣe nígbà tí ẹ bá ń gé fídíò, ṣùgbọ́n gèlè tó ti funfun báláú kò ní nǹkan kan nínú mọ́ tí ẹ lè fà jáde. Bí ẹ kò bá sì tì í pa, gbogbo ìgbà tí àǹtí bá gbé ọwọ́ kọjá ni àwòrán á máa mọ́lẹ̀, á tún máa ṣókùnkùn.

Mo pa gbogbo gílóòbù yàrá náà. Àwọ̀ iná wọn pọ́n ju ti ojú ọ̀run lọ, tí apá kan ojú á fi pupa, tí apá kejì á rí bí búlúù. Fáànù náà ni mo pa, torí ó ń mi kọ́tìnì, ariwo rẹ̀ sì ń wọ fídíò.

Mo kọ́kọ́ ya ìṣẹ́jú àáyá 20, mo gbé ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù sókè pátápátá, mo fẹ àwòrán náà lójú, mo wo ibi méjì: ìṣẹ́po gèlè àti funfun ojú àǹtí. Bí funfun ojú bá jọ ìyeyè, gílóòbù kan ṣì wà ní títàn níbì kan, bóyá ti pálọ̀. Tiwa wá láti ọ̀nà kíṣìnì. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ya ìṣẹ́jú 8 náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.