Bí mo ṣe ya iṣẹ́ òní sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ àná nínú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wá ipò akápò nínú ẹgbẹ́ kan tó ń fi èdè Yorùbá ṣe gbogbo ìwé rẹ̀. Àkópọ̀ ìrírí iṣẹ́ ni ẹgbẹ́ náà béèrè lọ́wọ́ wọn, ìpínrọ̀ kan péré. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá wọn tò ó. Ohun tó dé ọwọ́ mi nìyí:

> Mo jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé owó ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ akérò. Mo máa ń ṣètò ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo ń ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn, mo sì san owó orí wọn fún ìjọba. Mo ń kó àkọsílẹ̀ owó oṣù kúrò nínú ìwé lọ sórí kọ̀ǹpútà. Ìbójútó ẹ̀ka owó oṣù.

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí yóò gbà pé iṣẹ́ mẹ́ta ni obìnrin yìí ń ṣe pa pọ̀ lónìí: ó ń kọ́ ọmọ, ó ń kọ ìwé owó fún onímọ́tò, ó sì ń ṣírò owó oṣù fún olóògùn. Bó bá jẹ́ ìtòlẹ́sẹẹsẹ iṣẹ́ la ń kọ, tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orí tirẹ̀ àti ọdún tirẹ̀, ọdún tó wà lókè yóò ti sọ ohun tó kọjá fún òǹkàwé kó tó ka ọ̀rọ̀ ìṣe kankan. Àkópọ̀ kò ní orí, gbogbo iṣẹ́ ló wà nínú ìpínrọ̀ kan náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìṣe ni yóò ru ẹrù tí ọdún ń rù níbòmíràn.

Mo pè wọ́n lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nínú gbogbo èyí, èwo lẹ ṣì ń ṣe lónìí?"

"Owó oṣù nìkan, àbúrò mi. Àti ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ àwọn àgbà ní Sátidé, ṣùgbọ́n mi ò kọ ìyẹn sí i. Kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀ fún mi."

Mo ní kí wọ́n sọ ọdún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ girama láti 2009 sí 2014, wọ́n ṣiṣẹ́ akọ̀wé owó láti 2014 sí 2018, ẹ̀ka owó oṣù ní ilé iṣẹ́ olóògùn ni wọ́n sì wà láti 2018 títí di òní. Wọ́n tún ní àwọn ní ìwé ẹ̀rí nínú ìṣirò owó. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè: ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn, ṣé ó ti parí? Wọ́n ní ó ti parí tipẹ́, ní 2021.

Ìdáhùn yìí ló darí iṣẹ́ mi. Àṣà tí a mọ̀ ni pé iṣẹ́ tí a wà lẹ́nu rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ òní, iṣẹ́ tí a ti kúrò níbẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ àná. Àṣà náà dára, àmọ́ kò tó. Èèyàn lè wà lẹ́nu iṣẹ́ kan lónìí kí ohun ńlá tó ṣe níbẹ̀ sì ti parí. "Mo ń kó àkọsílẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà" ń sọ fún ẹgbẹ́ náà pé iṣẹ́ náà kò tíì tán, pé bóyá ìdajì ìwé ṣì wà nínú àpótí. Ohun tó yẹ kó gbé wọn ga ti di gbèsè sí wọn lọ́rùn. Nítorí náà, mi ò pín gbólóhùn wọn sí ilé iṣẹ́ mẹ́ta. Ìṣe ni mo fi pín in: èyí tó ṣì ń lọ, èyí tó ti parí, àti ohun tí wọ́n ní tàbí tí wọ́n mọ̀.

Èyí tó ti parí ló rọrùn jù. Ní èdè wa, bí ọ̀rọ̀ ìṣe bá dá dúró láìsí "ń" níwájú rẹ̀, tó sì jẹ́ ìṣe gidi bíi kó, kọ́, san, ṣètò, òǹkàwé yóò gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ti kọjá. Mo yọ "ń" kúrò nínú gbólóhùn kọ̀ǹpútà, mo fi ọdún síwájú: "Ní ọdún 2021, mo kó gbogbo àkọsílẹ̀ owó oṣù kúrò nínú ìwé lọ sórí kọ̀ǹpútà."

Èyí tó ṣì ń lọ ní ẹ̀tàn kan tí ojú kì í tètè rí. Ẹ tún gbólóhùn owó oṣù wò: "Mo ń ṣírò owó oṣù... mo sì san owó orí wọn." "Ń" wà níwájú ṣírò, kò sí níwájú san. Èèyàn máa ń rò pé ti àkọ́kọ́ yóò ran èkejì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n "ń" kì í fò kọjá "mo sì". Bó ṣe wà yẹn, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ṣì ń ṣírò owó oṣù, ṣùgbọ́n wọ́n san owó orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì tán. Ẹni tó ń wá akápò yóò fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi dáwọ́ owó orí dúró! Mo tún "ń" kọ sí èkejì: "mo sì ń san owó orí wọn fún ìjọba."

Gbólóhùn olùkọ́ ló gba àkókò mi jù. Ẹnì kan lè ní kí n fi í sílẹ̀, ṣebí "mo jẹ́ olùkọ́" kò ní "ń" nínú, ó ti di àná nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe kan wà tí wọn kì í sọ ìṣe, ipò tí èèyàn wà ni wọ́n ń sọ: jẹ́, ní, mọ̀, fẹ́ràn. Bí irú wọn bá dá dúró, òní ni wọ́n ń tọ́ka sí. "Mo mọ ìṣirò" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni "mo jẹ́ olùkọ́": olùkọ́ lónìí ni. Àwọn onímọ̀ gírámà wa pe àsìkò yìí ní afànámónìí, orúkọ náà sì yẹ ẹ́ nítorí ó so àná àti òní pọ̀ ní ẹ̀wù kan náà, irú ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà níbẹ̀ ló sì ń sọ èyí tó jẹ́.

Ọ̀nà méjì ló wà láti gbé e lọ sí àná. A lè sọ pé "mo ti jẹ́ olùkọ́ rí", ìyẹn dára nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ṣùgbọ́n nínú ìwé iṣẹ́ ó dà bíi pé èèyàn ń fẹ́ rántí. Mo yan èkejì, pé kí n fi ìṣe rọ́pò ipò, kí n sì fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin: "mo kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò láti 2009 sí 2014." Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé ṣì gbọ́, kódà bí a bá pa ọdún rẹ̀ rẹ́. "Mo máa ń ṣètò ìdánwò" wá di "mo sì ṣètò ìdánwò wọn" lẹ́yìn rẹ̀. "Máa ń" jẹ́ ti ìṣe bárakú, ohun tí èèyàn ń ṣe léraléra. Láìsí "nígbà náà" tàbí ọdún kan tó dè é mọ́lẹ̀, bárakú òní ni yóò jẹ́ létí òǹkàwé. Mo tọ́jú "máa ń" fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ kọ̀, mo ní ẹgbẹ́ kò béèrè ẹni tó ń sanwó, ìrírí ni wọ́n béèrè, àti pé ẹ̀kọ́ Sátidé yìí nìkan ló jẹ́ kí iṣẹ́ olùkọ́ àtijọ́ náà ṣì wà láàyè.

"Ìbójútó ẹ̀ka owó oṣù" ní tirẹ̀ kò ní àsìkò rárá. Àwọn kan fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ orúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó dún bí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, ó sì ń gbà wọ́n lọ́wọ́ wàhálà òní tàbí àná. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé òǹkàwé ni yóò wá máa méfò. Ta ló bójú tó o? Ìgbà wo? Mo dá ọ̀rọ̀ ìṣe padà síbẹ̀, mo sì fi "láti" àti "ti ń" dè é. "Mo ń" nìkan ń sọ òní, "láti 2018 ni mo ti ń" ń sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti pé kò tíì dúró.

Ohun tó kù ni ètò wọn. Mo gbé iṣẹ́ òní ṣíwájú, kì í ṣe nítorí àṣà nìkan. Gbólóhùn tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún àtijọ́ máa ń fa èyí tó tẹ̀ lé e mọ́ra. Ká ní mo kọ "Ní ọdún 2016, mo ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé owó. Mo ń ṣírò owó oṣù", èkejì yóò wọ inú 2016 lọ, "ń" tó wà nínú rẹ̀ kò ní lè gbà á sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fi "ṣáájú èyí" pààlà, tí gbólóhùn tó sì padà sí òní níparí fi gba "lónìí". Bó ṣe jáde nìyí:

> Láti ọdún 2018 ni mo ti ń ṣàkóso ẹ̀ka owó oṣù ní ilé iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn. Mo ń ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, mo sì ń san owó orí wọn fún ìjọba. Ní ọdún 2021, mo kó gbogbo àkọsílẹ̀ owó oṣù kúrò nínú ìwé lọ sórí kọ̀ǹpútà. Ṣáájú èyí, mo ṣiṣẹ́ akọ̀wé owó ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ akérò láti 2014 sí 2018. Mo sì kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò láti 2009 sí 2014, mo sì ṣètò ìdánwò wọn. Lónìí, mo ní ìwé ẹ̀rí nínú ìṣirò owó, mo sì máa ń kọ́ àwọn àgbà ní ìṣirò ní ọjọ́ Sátidé.

Ojú mi kò dá gbólóhùn kẹrin láre pátápátá. "Ṣáájú èyí" wà lẹ́yìn 2021, ẹni tó bá ń yára kà lè rò pé ṣáájú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Mo yí i sí "Kí n tó dé ibẹ̀", ó sì mọ́.

Bí mo ṣe dán an wò ni pé mo fi ìka bo gbogbo ọdún, mo ka ìyókù sókè fún ọ̀rẹ́ mi kan tí kò mọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó sọ ohun tí obìnrin yìí ń ṣe báyìí. Ó mú owó oṣù, owó orí àti ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, kò mú òmíràn. Bó bá jẹ́ pé ó mú iṣẹ́ akọ̀wé mọ́ ọn, ǹ bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣì fara ti ọdún rẹ̀ jù.

Kí n tó fi ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé bí àwọn bá kọ̀wé fi iṣẹ́ olóògùn sílẹ̀ ńkọ́. Mo ní títí di ọjọ́ tí ẹ máa lò gbẹ̀yìn níbẹ̀, "ti ń" ló yẹ, ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ kò sọ ọ́ di àná. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ nìkan lẹ máa yí padà: "láti 2018 ni mo ti ń ṣàkóso" yóò di "mo ṣàkóso láti 2018 sí" ọdún tẹ́ ẹ bá kúrò, "ń" méjèèjì tó wà nínú gbólóhùn kejì yóò sì jáde. Ti kọ̀ǹpútà kò ní yí, torí ó ti wà ní àná láti ìbẹ̀rẹ̀.